Ó Lé, Ó Dín: Fífi Ọ̀rọ̀ Kọ Iye Owó Sórí Sọ̀wédowó ní Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ìlànà tí a fi ń kọ iye owó ní ọ̀rọ̀ sórí sọ̀wédowó. Ó dá lórí nǹkan méjì tó máa ń rú àwọn akọ̀wé owó lójú. Èkíní ni àmì ìsopọ̀ tí a ń pè ní háífìn. Èkejì ni ọ̀rọ̀ asopọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe iṣẹ́ tí "àti" àti "ó lé" ń ṣe nínú èdè wa. Agbègbè ilé-iṣẹ́ Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ti mú àpẹẹrẹ, nítorí pé níbẹ̀, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ka owó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Èrò mi ni pé háífìn kì í sábà yí iye owó padà, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ asopọ̀ bá dúró sí lè yí i padà pátápátá. Ní ìparí, mo dábàá ọ̀nà kan tí Yorùbá fúnra rẹ̀ lè gbà kọ iye owó láìsí iyèméjì.

1. Ìfáárà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin kan ń kó palẹ́ẹ̀tì onípákó fún ilé-iṣẹ́ kan ní agbègbè Ṣàngó-Ọ̀tà. Palẹ́ẹ̀tì ni pèpéle pákó tí wọ́n máa ń to páálí ọjà lé kí ọkọ̀ agbẹ́rù tó gbé e. Ní ọjọ́ kan, ilé-iṣẹ́ náà fún un ní sọ̀wédowó. Nọ́ńbà tó wà nínú àpótí kékeré ọwọ́ ọ̀tún ni ₦105,000. Báńkì dá ìwé náà padà fún un, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà kò bára mu. Ó mú un tọ̀ mí wá. "Ọmọ mi, ìwọ lo kàwé. Bá mi wo ohun tó ṣe ìwé yìí. Ọjọ́ Sátidé ni mo ní kí àwọn káfíńtà wá gba owó wọn." Ohun tí mo rí lórí ìlà ọ̀rọ̀ nìyí:

```
One hundred thousand and five naira only
```

Gírámà gbólóhùn yìí kò ní àbùkù. Owó mìíràn ló dárúkọ. Ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà ó lé márùn-ún, ìyẹn ₦100,005, ni akọ̀wé náà kọ. Ohun tó yẹ kó kọ ni èyí:

```
One hundred and five thousand naira only
```

Mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n ìyá mi padà sí ilé-iṣẹ́ náà. Akọ̀wé owó náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kò sì ní ẹ̀tàn kankan lọ́kàn. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ohun tí ọ̀gá pè fún mi ni mo kọ." Ohun tí ọ̀gá pè ni "ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ó lé márùn-ún." Ẹni tó bá gbọ́ gbólóhùn yìí lè túmọ̀ rẹ̀ sí ₦105,000, ó sì lè túmọ̀ rẹ̀ sí ₦100,005. Wọ́n kọ sọ̀wédowó mìíràn fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ṣùgbọ́n Sátidé ti kọjá kí owó tó jáde. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ló bí iṣẹ́ yìí.

2. Ọ̀rọ̀ ló lágbára ju nọ́ńbà lọ

Lórí sọ̀wédowó, ẹ̀ẹ̀mejì ni a máa ń kọ iye owó, ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ní nọ́ńbà. Òfin Nàìjíríà tó de irú ìwé àṣẹ owó báyìí wà nínú Àkójọ Òfin ọdún 2004. Abala 9, ẹsẹ 2, òfin náà sọ pé bí ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà kò bá dọ́gba, iye tí ọ̀rọ̀ sọ ni iye tí a ó san. Inú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1882 ni ìlànà yìí ti wá, abala kan náà ló sì wà níbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe kedere: ó rọrùn láti fi òdo kan kún nọ́ńbà tàbí kí ọwọ́ ṣèèṣì fò ó, ṣùgbọ́n ó ṣòro díẹ̀ láti ṣèèṣì kọ odidi ọ̀rọ̀ kan.

Bí a bá fi òfin yìí wo ìwé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ₦100,005 ló ní ẹ̀tọ́ sí lórí ìwé náà. Òun ìbá pàdánù ₦4,995. Ṣùgbọ́n ní ojú káńtà, báńkì kì í sábà ṣe ìdájọ́ láàárín ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà. Wọ́n á dá ìwé padà fún ẹni tó mú un wá ni, kí ẹni tó kọ ọ́ lè tún un kọ. Ìdí nìyí tí àṣìṣe inú ọ̀rọ̀ fi máa ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ ènìyàn kó tó gba owó.

Òfin náà kò mẹ́nu kan háífìn rárá. Kò sì sọ ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ asopọ̀ dúró sí. Àṣà ìkọ̀wé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń mú ìlànà méjèèjì.

3. Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé ní Gẹ̀ẹ́sì

Ìlànà háífìn kò lọ́jú pọ̀. Láti 21 dé 99, bí nọ́ńbà bá ní ẹyọ lẹ́yìn ẹ̀wá, a ó fi háífìn so orúkọ ẹ̀wá mọ́ orúkọ ẹyọ. A kì í fi háífìn sí 20, 30 tàbí 90, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n. A kì í sì fi í so ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún mọ́ ohun tó ṣáájú tàbí tó tẹ̀ lé e. Bí 45 bá wà nínú 145,000, inú 45 nìkan ni háífìn ń gbé.

Ọ̀rọ̀ asopọ̀ ni ó yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Àṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwa náà jogún, ni pé ó máa ń wà lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún bí ẹ̀wá tàbí ẹyọ bá tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí ọgọ́rùn-ún kankan lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún, ó lè wà lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún, bí i nínú 1,005. Nínú Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yọ ọ́ kúrò láàárín odidi nọ́ńbà. Wọ́n fi í pamọ́ fún ààlà láàárín dọ́là àti sẹ́ǹtì. Nítorí náà, Yorùbá tó dàgbà ní Ọ̀tà tó wá ń ṣiṣẹ́ ní Húsítìn yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ń ṣiṣẹ́ mìíràn lórí sọ̀wédowó rẹ̀ tuntun.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ₦145,746.50 yẹ̀ wò. Ní àṣà tiwa, báyìí ni a ó ṣe kọ ọ́:

```
One hundred and forty-five thousand, seven hundred and forty-six naira, fifty kobo only
```

Háífìn méjì ló wà nínú rẹ̀. Bí a bá gbójú fo méjèèjì, iye owó kò yí padà, ìwé náà kò sì di òfo. Àmọ́ ọ̀rọ̀ asopọ̀ àkọ́kọ́ wà ṣáájú orúkọ ẹgbẹ̀rún. Bí a bá gbé e kọjá sí ẹ̀yìn ẹgbẹ̀rún, tí a sì gbé ẹyọ tẹ̀ lé e, owó mìíràn ni a ti kọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé palẹ́ẹ̀tì nìyẹn gan-an. Bí olùkọ́ bá ní wákàtí kan péré láti fi kọ́ àwọn akọ̀wé owó, ibi tí ọ̀rọ̀ asopọ̀ àti orúkọ ẹgbẹ̀rún ti pàdé ni kó lo èyí tó pọ̀ jù nínú wákàtí náà lé lórí.

4. Ibi tí ẹlẹ́tàn ń gbà wọlé

Ọ̀rọ̀ asopọ̀ kan náà ni àwọn ẹlẹ́tàn fi ń fi owó kún owó. Ẹjọ́ kan wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1827, láàárín Young àti àwọn onílé ìfowópamọ́ tó ń jẹ́ Grote. Young ń rin ìrìn-àjò, ó sì ti fi ọwọ́ sí àwọn ìwé owó tí kò tíì kún, ó fi wọ́n lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyàwó ní kí akọ̀wé wọn kọ àádọ́ta pọ́n-ùn àti díẹ̀ sí ọ̀kan. Akọ̀wé náà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ "àádọ́ta" ní àárín ìlà pẹ̀lú lẹ́tà kékeré, ó fi àlàfo sílẹ̀ níwájú. Lẹ́yìn tí obìnrin náà ti wo ìwé náà, akọ̀wé kọ ọ̀ọ́dúnrún àti ọ̀rọ̀ asopọ̀ sínú àlàfo náà. Àádọ́ta di àádọ́ta lé lọ́ọ̀ọ́dúnrún. Ilé-ẹjọ́ ní oníbàárà ni yóò ru àdánù náà, kì í ṣe báńkì.

Ní ọdún 1918, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ tó jọ ọ́, èyí tó wà láàárín London Joint Stock Bank àti ilé-iṣẹ́ Macmillan àti Arthur. Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà gbé sọ̀wédowó pọ́n-ùn méjì wá fún ọ̀gá láti fi ọwọ́ sí. Nọ́ńbà 2 wà níbẹ̀ pẹ̀lú àlàfo lọ́tùn-ún lósì, ìlà ọ̀rọ̀ sì ṣófo pátápátá. Lẹ́yìn tí ọ̀gá fi ọwọ́ sí i, akọ̀wé fi 1 síwájú, ó fi 0 sẹ́yìn, ó di ọgọ́fà pọ́n-ùn, ó sì wá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdájọ́ ni pé oníbàárà jẹ báńkì ní gbèsè ìṣọ́ra: kí ó má kọ ìwé lọ́nà tí yóò mú kí àfikún rọrùn.

Háífìn náà ní ewu tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́fà nílò lẹ́tà méjì péré, t àti y, kó tó di ọgọ́ta. Ọ̀rọ̀ fún mẹ́jọ nílò ẹyọ kan, y, kó tó di ọgọ́rin. Bí ẹnìkan bá fi àlàfo sílẹ̀ níwájú márùn-ún, orúkọ ẹ̀wá kan àti háífìn lè wọ ibẹ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún yóò sì di ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́rin. Nítorí náà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti etí ìlà lọ́wọ́ òsì pátápátá, tí a ń fi ọ̀rọ̀ "péré" parí rẹ̀, tí a sì ń fa ilà gbọọrọ gba àlàfo tó bá kù kọjá.

5. Kí ló dé tí Yorùbá fi ń tan akọ̀wé jẹ?

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, iye ẹgbẹ̀rún máa ń ṣáájú orúkọ ẹgbẹ̀rún. Nínú Yorùbá, ẹ̀yìn ló máa ń wà: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Nípa bẹ́ẹ̀, iwájú ni ilẹ̀kùn Gẹ̀ẹ́sì wà, ẹ̀yìn ni tiwa wà. Nígbà tí a bá wá fi "ó lé márùn-ún" kún un, kò sí ohun tó fi hàn bóyá márùn-ún náà jẹ́ ara iye ẹgbẹ̀rún, tàbí ó jẹ́ náírà márùn-ún lásán. Iyèméjì tó wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀gá yẹn nìyí. Akọ̀wé mú ìtumọ̀ kan, ọ̀gá ní èkejì lọ́kàn.

Ohun kejì ni "lé" àti "dín". Ẹyọ kan sí mẹ́rin ni a ń lé lórí ẹ̀wá tó kọjá, márùn-ún sí mẹ́sàn-án ni a sì ń fi ẹ̀wá tó ń bọ̀ dín. Bí akọ̀wé bá gbọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta, 46 ni. Bí ó bá gbọ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta, 54 ni. Ìró kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn nínú yàrá tí ẹ̀rọ ti ń pariwo, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iye ẹgbẹ̀rún ni, ₦8,000 ni ìyàtọ̀ náà. Ó dára kí a kíyè sí i pé ọ̀kan sí mẹ́rin nìkan ló lè gba "lé" àti "dín" méjèèjì. Nínú òǹkà wa àtijọ́, "dín" ni márùn-ún ń bá rìn: 45 ni márùndínláàádọ́ta, 55 ni márùndínlọ́gọ́ta. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ "márùn" níwájú òǹkà alápapọ̀ lè fi ọkàn balẹ̀ pé àyọkúrò ni. Bí ó bá gbọ́ ọ̀kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì: ó lé ni, àbí ó dín?

Háífìn Yorùbá kò ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́, nítorí iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe. Nínú àkọtọ́ òde-òní, háífìn inú márùn-ún, mẹ́sàn-án àti ọgọ́rùn-ún ń ya fáwẹ̀lì aránmúpè méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Kì í so ẹ̀wá mọ́ ẹyọ. Bí márùn-ún bá wọ inú òǹkà alápapọ̀, apá ẹ̀yìn rẹ̀ á já, háífìn á sì bá a lọ: márùndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá ń kọ "márùn-dín-lọ́gbọ̀n" ń gbé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì lé Yorùbá lórí. Kíkọ ọ́ pọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan ti ṣe iṣẹ́ tí háífìn ń ṣe lọ́hùn-ún tẹ́lẹ̀.

6. Náírà gẹ́gẹ́ bí ọgbà

Báńkì wa ń retí Gẹ̀ẹ́sì lórí sọ̀wédowó. Síbẹ̀, Yorùbá ni a fi ń pe owó fún akọ̀wé, a sì lè fi kọ rìsíìtì, ìwé àdéhùn àti ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ohun tí mo dábàá ni pé kí ọ̀rọ̀ "náírà" máa dúró lẹ́yìn iye ẹgbẹ̀rún bí ọgbà. Ohun tó bá wà ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ̀rún. Ohun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè padà wọlé. Ẹ wo àwọn mẹ́rin yìí:

- Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà, ó lé márùn-ún: ₦100,005.
- Ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́fà náírà: ₦105,000.
- Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà, ó lé mẹ́rìndínláàádọ́ta: ₦300,046.
- Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìndínláàádọ́ta náírà: ₦346,000.

Ọ̀rọ̀ inú àpẹẹrẹ méjì tó kẹ́yìn kò yàtọ̀ síra. Ibi tí náírà dúró sí nìkan ló yàtọ̀. Ìlànà kejì ni pé kí òǹkà tó bá ní orúkọ alápapọ̀ máa jẹ́ ọ̀rọ̀ kan: márùndínláàádọ́fà ni kí a kọ fún 105, kì í ṣe "ọgọ́rùn-ún ó lé márùn-ún." Ìlànà kẹta ni pé kí a fi "àti" pamọ́ fún ààlà láàárín náírà àti kọ́bọ̀, kí "ó lé" máa so àwọn ìyókù. Lọ́nà yìí, ₦145,746.50 yóò di:

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́jọ náírà, ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ó lé mẹ́rìndínláàádọ́ta, àti àádọ́ta kọ́bọ̀ péré.

Ẹ jẹ́ kí a kà á padà láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àádọ́jọ jẹ́ 150. Márùn-ún kúrò nínú rẹ̀, ó ku 145, náírà sì ti pa ọgbà dé: ₦145,000. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin jẹ́ 700. Àádọ́ta dín mẹ́rin jẹ́ 46. Àpapọ̀ rẹ̀ ni ₦145,746, kọ́bọ̀ sì tẹ̀ lé "àti".

Ọgbà yìí tún ń dí ẹlẹ́tàn lọ́wọ́. Bí a bá kọ "ẹgbẹ̀rún méjì" tí a sì fi àlàfo sílẹ̀, lẹ́tà díẹ̀ ló kù kó di "ẹgbẹ̀rún méjìlélógún", tí ₦2,000 yóò sì di ₦22,000. Ṣùgbọ́n bí náírà bá fara mọ́ méjì tímọ́tímọ́, "lélógún" kò ní ráyè. Àmì ohùn náà ń ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Ohùn àárín ló parí mẹ́ta, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì wà lórí "tà" inú mẹ́tàlélógún. Ẹni tó bá fi "lélógún" kún mẹ́ta láìfi àmì kún un ti fi àmì ìwà rẹ̀ sílẹ̀. Kí a má gbẹ́kẹ̀ lé èyí jù, nítorí ó rọrùn láti fi àmì kún ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì fi àmì sí i rárá.

Ìlànà yìí ní ibi tó mọ. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti fi òpin sí sọ̀wédowó ní mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà. Nítorí náà, mi ò bá bílíọ̀nù ṣe níbí. Bí mílíọ̀nù bá wà, òun ni yóò ṣáájú, "ó lé" yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ̀rún àti náírà. Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀kẹ́ àti ẹgbàá sílẹ̀ lórí ìlà yìí. A lè pe ₦140,000 ní ọ̀kẹ́ méje, ó sì dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n àmì kómà inú nọ́ńbà ń pín owó ní ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún, ọ̀kẹ́ sì ń pín in ní 20,000. Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ yẹ nọ́ńbà wò yóò ní láti ṣe ìṣirò kó tó mọ̀ bóyá wọ́n dọ́gba.

7. Àgbálọgbábọ̀

Nínú ohun méjì tí a gbé yẹ̀ wò, háífìn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ìkọ̀wé: kí a fi í sí àárín 21 àti 99 ní Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ aránmúpè rẹ̀ ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ asopọ̀ ni owó ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náírà fún akọ̀wé tó kọ ìwé palẹ́ẹ̀tì yẹn, ó ní kí n pe iye kan fún òun kí òun dán an wò. Mo pe "ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà, ó lé mẹ́wàá." Ó kọ ₦200,010 láìbéèrè. Mo tún pe "ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé mẹ́wàá", mi ò fi náírà sí i. Ó gbé kálàmù sókè, ó wò mí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni náírà wà?"